Ìrì Ara Ewé Tábà Ni, Kì í Ṣe Ibà

Ọdún kẹta tí a ti ń gbin tábà ni mo tó mọ ohun tó máa ń ṣe mí ní àsìkò ìkórè. Kí n tó mọ̀ ọ́n, ibà ni mo máa ń pè é. Oògùn ibà ni mo máa ń lò sí i, bí ara mi bá sì yá lọ́jọ́ kejì, màá ní oògùn náà ti ṣiṣẹ́. Àṣé bí mo lo oògùn, bí mi ò lò ó, àìsàn náà máa ń lọ fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣe máa ń rí. Ewé tábà kì í gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìsàlẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. A máa ń ká ewé méjì sí mẹ́rin lára igi kọ̀ọ̀kan, tó bá di bí ọ̀sẹ̀ kan, a ó tún padà wá ká àwọn tó wà lókè wọn. Inú oko kan náà la máa ń wọ̀ léraléra títí ìkórè yóò fi parí. Ẹni tó ń ká ewé ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó ki orí bọ abẹ́ ewé, kó máa fi ọwọ́ kan já wọn, kó sì máa tò wọ́n sí abíyá kejì títí tí kò fi ní lè gbé e mọ́. Ní aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, ìrì máa ń wà lórí gbogbo ewé bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí wọn. Kí n tó dé ìdajì poro àkọ́kọ́, apá aṣọ mi á ti rin gbingbin. Kó tó di aago méje, omi á ti máa ro láti abíyá mi dé ìbàdí. Oje ewé náà á lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, á kọ́kọ́ dà bí epo, á wá dúdú bí ọ̀dà. Bí èèyàn bá ṣèèṣì fi ọwọ́ náà nu ẹnu, kíkorò rẹ̀ kì í kúrò bọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti rọ̀ lóru, ewé tutù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. A ṣiṣẹ́ títí di aago kan ọ̀sán. Mo délé, mo jẹun, ara mi dá ṣáṣá. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, òòyì ń kọ́ mi, òógùn tútù bò mí. Inú ń run mí, mo sì bì títí tí kò fi sí ohun tí mo lè bì mọ́. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi débi ilẹ̀kùn. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó bá wa gbé ìdì ewé lọ́jọ́ náà, ń bì lórí ẹní tirẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe baálé mi, bẹ́ẹ̀ òun ló ká ewé jù nínú wa. Ó ní ó rẹ̀ wá ni, kí a lọ sùn. Mo gbà á gbọ́. Láti ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ti gbà pé ara mi ni kò le tó ti àwọn ẹlòmíì. Ti ọmọ yẹn ló dùn mí tí mo fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lówùúrọ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀ ò tíì fọwọ́ kan ọmọ náà tó ti ń bi mí ní ìbéèrè. Ó ní, “Ìyá, aago mélòó lẹ wọ oko lánàá? Ṣé ewé tutù? Ìgbà wo lẹ bọ́ aṣọ tó tutù yẹn kúrò lára? Ṣé ẹnikẹ́ni fọ́n oògùn sí oko náà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí?” Lẹ́yìn náà ló yẹ ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì wò fún ibà. Kò sí ibà lára èyíkéyìí nínú wa. Ó ní, “Tábà tí ẹ ń ká ló ń pa yín. Awọ ara ló ń gbà wọlé.”

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi pẹ̀lú sùúrù, mo sì ń sọ ọ́ fún ẹlòmíì bí ó ṣe sọ ọ́ títí di òní. Nikotíìnì, ìyẹn ohun tó wà nínú sìgá tó ń mú èèyàn lẹ́rú, inú ewé tútù ló wà láti oko. Ó máa ń yọ́ sínú omi. Bí ìrì tàbí òjò bá wà lórí ewé, omi yẹn di omi nikotíìnì, aṣọ tó bá sì fà á mu yóò lẹ̀ mọ́ ara láti àárọ̀ dọ̀sán, yóò máa tì í wọ inú ara díẹ̀díẹ̀. Oòrùn àti òógùn tún ń mú kó yára wọlé, ojú ọgbẹ́ sì jẹ́ ọ̀nà gbalasa fún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé iye nikotíìnì tó lè wọ ara àgbẹ̀ tábà ní ọjọ́ kan lè tó ti igi sìgá 50. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ò wúwo tó àgbà. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń ronú sí iye igi sìgá tí èmi fúnra mi ti fún ọmọ mi mu.

Mo wá béèrè nípa baálé mi. Nọ́ọ̀sì ní, “Ṣé wọ́n máa ń mu sìgá?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ara ẹni tó ń mu sìgá ti mọ́ nikotíìnì, kì í tètè bì. Kì í ṣe pé kò wọ ara tirẹ̀, kò kàn fi hàn bí tiwa ni. Ọ̀rọ̀ yìí ló yanjú ohun tó ti ń dùn mí fún ọdún méjì. Bí àwọn tó ń mu sìgá bá wà nínú oko tí nǹkan kan ò sì ṣe wọ́n, àwọn ọmọdé, àwọn obìnrin àtàwọn tí kì í mu ún ni wọn yóò máa pè ní aláìlera tàbí ọ̀lẹ.

Àwọn dókítà ti mọ àìsàn yìí tipẹ́. Láti ọdún 1970 ni wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ lára àwọn tó ń ká ewé tábà ní Fílórídà ní Amẹ́ríkà. Ohun tó ń fi ara pa mọ́ nínú rẹ̀ ni àkókò. Kì í sábà dìde lójú oko. Ó lè tó wákàtí mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́, ó lè di alẹ́ tàbí òru, kó tó bẹ̀rẹ̀, tí èèyàn á fi máa rò pé oúnjẹ tí òun jẹ ni. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ara á yá. Òru kan pẹ̀lú oògùn ibà ti tó láti tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ìbéèrè tó bi mí nípa oògùn fífọ́n ò yé mi lọ́jọ́ náà. Ìkórè tó tẹ̀ lé e ló tó yé mi, nígbà tí ọ̀ràn kan àbúrò ọkọ mi. Aràn ń jẹ ewé, ó sì gbé ẹ̀rọ ìfọ́n olómi lítà 15 kọ́ ẹ̀yìn. Ọmọ́rí ẹ̀rọ náà ti ń jò láti ìgbà tó ti pẹ́, a sì ti fi ọ̀rá dì í. Oògùn ń kán sí i lẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tó ń rìn. Kò tó wákàtí kan tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tó fi ní àyà òun ń dí. Mo kọ́kọ́ rò pé ti ìrì náà ni, nítorí ó ń bì, ó sì ń làágùn bí èmi ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, omi ń dà lójú rẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ àti ẹran itan rẹ̀ ń ta pọ́ńpọ́ńpọ́n fúnra wọn. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, àárín dúdú ẹyinjú rẹ̀ ti súnkì, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni inú iyàrá ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

A bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, a fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀, a sì gbé ìgò oògùn náà dání lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wo orúkọ tó wà lára ìgò, ó ní ó wà lára irú àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí iṣan sinmi. Bí iṣan bá ti ránṣẹ́ sí ẹran ara, ohun kan wà nínú ara tó máa ń pa iṣẹ́ náà rẹ́ kí ẹran lè sinmi. Oògùn yìí ló ń dè é mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi ń ṣàn tí gbogbo ẹran sì ń fò. Mímí ló máa ń dí kẹ́yìn, òun ló sì ń pani. Abẹ́rẹ́ átírópíìnì ni wọ́n gún un léraléra títí àyà rẹ̀ fi là. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kì í fi àmì kan ṣoṣo ṣe ìdájọ́, torí nikotíìnì tó bá pọ̀ jù náà lè mú itọ́ wá. Ohun tó kọ́ mi láti máa wò ni èyí: ti ìrì máa ń pẹ́ kó tó dé, ó sì máa ń lọ, ẹni náà á funfun lójú, á rẹ̀, á bì. Ti oògùn ní tirẹ̀ máa ń tètè dé lẹ́yìn fífọ́n, ojú á súnkì, itọ́ á ṣàn, ẹran á máa ta, mímí á nira. Ẹni tí èyí kejì bá ṣe, a kì í fi sílé wò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn méjèèjì sì lè wà lára èèyàn kan náà, torí ìrì òwúrọ̀ lórí ewé tí a fọ́n lánàá ní oògùn àti nikotíìnì nínú pọ̀. Ara ìgò oògùn ni wọ́n kọ ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dúró sí kí a tó padà wọ oko. A ní ìgò yẹn nílé fún ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó ka ibẹ̀ rí.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe fún ti ìrì ò le rárá láti sọ. Kí a dúró kí ewé gbẹ kí a tó wọlé, ó lè tó aago mẹ́wàá. Bí kò bá ṣeé dúró, kí a wọ aṣọ òjò àti ìbọ̀wọ́ tí omi ò lè wọ̀, kí a máa gbé ìdì ewé jìnnà sí ara dípò abíyá. Kí a pààrọ̀ aṣọ ní gbàrà tó bá ti tutù, kí a fi ọṣẹ wẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, kí a má sì fọ aṣọ oko pọ̀ mọ́ ti ilé. Kí ọmọdé má fọwọ́ kan ewé tútù rárá. A bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. A ò lè ṣe é ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, àyàfi ti ọmọ nìkan tí mo dúró lé lórí.

Ìdí rẹ̀ ni ilé tí a ti ń fi iná yan ewé. Ewé tí a bá ká gbọ́dọ̀ wọ inú ilé yìí lọ́jọ́ náà, ilé sì gbọ́dọ̀ kún kí a tó dá iná, nítorí igi ìdáná tí ilé tó kún ń jẹ náà ni ilé tí kò kún ń jẹ. Ìwọ̀n ooru 35 ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ sí kí ewé lè pọ́n, a ó máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ dé nǹkan bí 70 kí igi àárín ewé lè gbẹ. Ó máa ń tó ọjọ́ márùn-ún sí méje, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ máa jí sí iná náà lóru. Bí a bá dúró de aago mẹ́wàá kí ìrì gbẹ, àwa mẹ́ta ò lè kún ilé náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ewé tó bá sun òkìtì mọ́jú á gbóná, á sì bàjẹ́. A nílò alágbàṣe méjì sí i. Kò sí owó alágbàṣe, torí ilé-iṣẹ́ tó ń ra tábà ní gbèsè lọ́rùn wa. Gbèsè yẹn ló ń jí wa ní aago márùn-ún.

Àdéhùn wa pẹ̀lú wọn rí báyìí: wọ́n á fún wa ní irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn ní àwìn, wọn ò ní gba owó lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bá kó ewé dé, wọ́n á yọ tiwọn kúrò kí wọ́n tó san ohun tó kù. Àwọn ló ń dárúkọ iye tí ajílẹ̀ jẹ́, àwọn náà ló ń wo ewé wa tí wọ́n sì ń sọ ìpele tó wà. Lọ́dún kan, ìdì méjì tí a dì láti inú ilé ìyan kan náà, ní ọjọ́ kan náà, bọ́ sí ìpele méjì tó jìnnà síra. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní bí ó ṣe rí nìyẹn. Kò sí ibòmíì tí a lè gbé e lọ, torí àdéhùn ò gbà á.

Ọdún karùn-ún ni mo jókòó ti ìwé ìṣirò. Mo mọ̀ pé owó máa ń ru mí lójú, nítorí náà mo yí gbogbo ìnáwó padà sí kílò tábà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ra kílò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wa ní ìpíndọ́gba. Kílò 1,100 la tà lọ́dún náà. Àwìn ilé-iṣẹ́ kó 520 nínú rẹ̀. Igi ìdáná kó 190. Àwọn alágbàṣe tó bá wa gbin tó sì bá wa kọ ebè kó 150. Ọkọ̀ tó kó ewé lọ kó 40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 900, èyí tó kù sì jẹ́ 200. Mo wá ka ọjọ́ tí èmi, baálé mi àti àbúrò rẹ̀ fi ṣiṣẹ́, láti orí ilé irúgbìn dé orí dídì, ó sì jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 290. Mo pín 200 sí 290. Kò tó kílò kan fún ẹnì kan lóòjọ́. Ọjọ́ mẹ́ta tí àbúrò ọkọ mi fi wà nílé ìwòsàn, oògùn tí mo rà fún ibà tí kì í ṣe ibà, mi ò kà wọ́n mọ́ ọn. Baálé mi wo ìwé náà fún ìgbà pípẹ́, ó ní, “Ìyá wọn, ta ló ń jẹ èrè iṣẹ́ yìí?”

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a sáré kúrò nínú tábà, a sì ṣubú. A gbin tòmátì sí gbogbo ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Ó rú dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lọ́sàn-án bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tutù. Mo fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ kún fún kókó wínníwínní bí ìlẹ̀kẹ̀. Aràn kéékèèké inú ilẹ̀ ni, tí ojú lásán ò lè rí. Ìdílé kan náà ni tábà, tòmátì, ata àti ìgbá, ohun tó ń jẹ ọ̀kan mọ ọ̀nà ilé ìyókù. Ọdún márùn-ún tábà léraléra la fi bọ́ aràn náà, a sì tún gbé oúnjẹ tuntun fún un. Gbèsè ilé-iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wa, kò sì sí tábà tí a ó fi san án. A ní láti padà fọwọ́ sí àdéhùn.

Lẹ́ẹ̀kejì, a ò sáré. Ìdajì ilẹ̀ ni a fi sílẹ̀ fún tábà, ajílẹ̀ ìdajì ilẹ̀ nìkan la sì gbà ní àwìn. A kọ èyí tó kù bí wọ́n tilẹ̀ ń rọ̀ wá. Àgbàdo la gbin sí ìdajì kejì lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀pà tẹ̀ lé e. Gbòǹgbò àgbàdo tí mo fà tu ò ní kókó. Nígbà tí ilẹ̀ tábà kéré, èèyàn mẹ́ta tó fún un, a sì lè dúró kí ìrì gbẹ. Láti ìgbà náà, mi ò tíì bì lóru mọ́.

Èrè ẹ̀pà àkọ́kọ́ ò dára. A tà á ní ọ̀sẹ̀ tí a hú u, ìgbà tí gbogbo èèyàn ń ta tiwọn, kò sì sí ẹni tó ti ṣèlérí pé òun á rà á. Tábà máa ń ní olùrà tó dúró, bí ó tilẹ̀ ń rẹ́ wa jẹ, ohun tó sì ń mú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ padà sídìí rẹ̀ nìyẹn. Mo gbọ́ nípa ètò kan ní àgbègbè Mígórì ní Kẹ́ńyà, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ oúnjẹ méjì ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé jọ dáwọ́ lé, tí àwọn àgbẹ̀ tábà fi bọ́ sídìí ẹ̀wà tó ní áyọ́ọ̀nù púpọ̀ nínú. Ohun tó mú mi fetí sí i ni pé owó ẹ̀yáwó tí wọ́n á fi san gbèsè ilé-iṣẹ́ tábà wà nínú ètò náà, olùrà ẹ̀wà náà sì wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ni a ò ní nígbà tí a gbin tòmátì. Tiwa, àwa ìdílé mẹ́rin la kó ẹ̀pà jọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a sá a gbẹ, a dì í mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, a sì tà á fún olùrà kan ṣoṣo.

Inú ilé tí a ti ń yan tábà la kọ́kọ́ fẹ́ kó o sí. Òórùn tábà wọ inú àpò àkọ́kọ́ débi pé kò ṣeé jẹ. A ní láti fọ ògiri, kí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan. Gbèsè tó kù lọ́rùn wa báyìí jẹ́ kílò 60, nítorí náà tábà ṣì wà ní igun oko kan lọ́dún yìí. Láàárọ̀ yìí, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ọmọ mi wà nílé ìwé.